Bátìrì Tuntun Tí Mo Rà Lásán, àti Ohun Tó Ń Mú Fóònù Mi Gbóná Gan-an

Owó tí mo san lórí bátìrì tuntun ṣì ń dùn mí títí di òní. Bí kì í bá ṣe ti owó yẹn ni, mi ò ní jókòó kọ ohunkóhun.

Fóònù mi kì í ṣe fóònù olówó gọbọi. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpè àti fídíò ni, kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ṣí géèmù ìbọn tí èmi àti àbúrò mi jọ máa ń gbá lálẹ́, kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti gbóná bí áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ. Ojú rẹ̀ á dédé ṣókùnkùn díẹ̀ láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án. Géèmù tó ń lọ geerege tẹ́lẹ̀ á wá máa fà tìkọ̀tìkọ̀, àgàgà lásìkò tí ọ̀tá bá yọ sí mi. Kí wákàtí kan tó pé, bátìrì á ti jẹ ju ìdámẹ́rin lọ.

Mo gbé e lọ bá oníṣẹ́ fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bátìrì yín ti gbó. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀, ẹ ó rí ìyàtọ̀.” Kò fi ohunkóhun wọn nǹkan kan. Mo sanwó, mo gbé fóònù délé, mo ṣí géèmù. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, áyọ́ọ̀nù ti dé! Nígbà tí mo padà lọ, ó ní mo gbọ́dọ̀ ṣáájì bátìrì tuntun náà kó kún ní ìgbà mẹ́ta ná kó tó “mọ́wọ́”. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó wà nínú fóònù òde òní kò nílò irú nǹkan bẹ́ẹ̀. N kò bá a jà. Mo kàn pinnu pé láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nípa ooru fóònù, kó fi nọ́ńbà sọ ọ́.

Nọ́ńbà náà sì wà nínú fóònù. Gbogbo fóònù Android ló ń wo bí bátìrì rẹ̀ ṣe gbóná tó, èèyàn sì lè fi kọ̀ǹpútà béèrè rẹ̀. Bí a ṣe ń tan `USB debugging`, ètò inú fóònù tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá a sọ̀rọ̀, kò le, mi ò ní fi ìyẹn fi yín lákòókò ṣòfò. Ohun tó le ni wáyà. Odidi alẹ́ kan ni mo fi ń tẹ àṣẹ kan náà tí kọ̀ǹpútà ń sọ fún mi pé òun ò rí fóònù kankan, bẹ́ẹ̀ fóònù ń ṣáájì níwájú mi! Mo tan án, mo pa á, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Àṣé wáyà tí mo ń lò kò ní okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ nínú, ti iná nìkan ló ní. Mo yá wáyà àbúrò mi, ó sì jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àṣẹ náà rèé, `adb` sì ni irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tó ń gbé e lọ bá fóònù:

```
adb shell dumpsys battery
```

Nínú ohun tó máa kọ síta, ìlà méjì péré ni mo nílò:

```
level: 61
temperature: 436
```

`level` ni iye tó kù nínú bátìrì. Ẹ fi 10 pín `temperature`, ìyẹn ni 43.6 dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ti bátìrì ni o, ọpọlọ fóònù fúnra rẹ̀ gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe kan níbẹ̀. Mo fi wáyà sí i lára bí mo ṣe ń gbá géèmù, kí n lè máa wo nọ́ńbà bó ṣe ń gòkè. Ṣùgbọ́n wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ ń gbé iná pẹ̀lú, nítorí náà fóònù ń ṣáájì, ooru ṣáájì ń gun orí ooru géèmù, iye tó ń jẹ kò sì ṣe é kà mọ́. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí n gbá géèmù fún ogún ìṣẹ́jú láìsí wáyà, kí n ki wáyà bọ̀ ọ́ ní kété tí mo bá parí, kí n sì tẹ àṣẹ lójú ẹsẹ̀. Bátìrì kì í tètè tutù, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kò ba nọ́ńbà jẹ́. Láàárín ìdánwò kan sí èkejì, mo ń dúró kó padà sí nǹkan bí 30.

Ìdánwò àkọ́kọ́, pẹ̀lú ètò tí mo ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́: 43.6 dígírì, ó sì jẹ pásẹ́ǹtì 9. Ó dáa. Mo wá ṣe ohun tí gbogbo ayé máa ń sọ, mo wọ inú `Graphics`, mo já gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. Òjìji lọ, koríko lọ, ojú àwọn èèyàn inú géèmù dà bí amọ̀ tí ọmọdé mọ. Mo gbá a fún ogún ìṣẹ́jú, mo ki wáyà bọ̀ ọ́. 43.1. Pásẹ́ǹtì 9.

Mo rò pé mo ṣì í tẹ̀ ni. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, 43.3. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbà pé òótọ́ ni oníṣẹ́ fóònù sọ, bóyá bátìrì tuntun gan-an ni kò dáa. Mo pa gbogbo áàpù tó kù, mo bọ́ ápò rọ́bà tó wà lẹ́yìn fóònù. 42.4. Àǹfààní bíbọ́ ápò rọ́bà yẹn wà lóòótọ́, nítorí ooru ráyè jáde, ṣùgbọ́n pásẹ́ǹtì 9 ṣì ni ó ń jẹ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbá géèmù tó rí bí àwòrán ara ògiri, tí ọwọ́ mi sì ń jó.

Àbúrò mi ló tú u, òun náà kò sì mọ̀ pé òun ń tú nǹkan kan. Ó jókòó tì mí, ó ní, “Bọ̀dá mi, kí ló dé tí géèmù tiyín ń yọ̀ báyìí? Ó dáa ju tèmi lọ.” Mo wo òǹkà `FPS` tó wà ní igun ojú fóònù, èyí tí n kò tíì bìkítà nípa rẹ̀ rí. Ó ń sọ 58. Mo dá `Graphics` padà sókè bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo wò ó, 37 ni.

Ibẹ̀ ni ojú mi là. `FPS` ni iye àwòrán tí fóònù ń yà sójú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní abẹ́ `Frame rate`, níbi tí a ti ń yan `FPS` nínú ètò géèmù, 60 ni mo fi sí láti ìgbà tí mo ti gba géèmù náà sórí fóònù, nítorí mo rò pé nọ́ńbà tó bá ga ló dáa. Fóònù tèmi kò lè ya 60 nígbà tí àwòrán bá le, nítorí náà ó ń sá gbogbo eré tó lè sá, ó ń rí 37 yà. Nígbà tí mo mú kí àwòrán rọrùn, kò fi ìrọ̀rùn yẹn sinmi, ńṣe ló fi ya àwòrán púpọ̀ sí i. Ẹ fojú inú wo alágbàṣe tó ń gbé bíríkì. Ẹ dín ẹrù orí rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé kó máa lọ kó máa bọ̀ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Òógùn tó ń là ṣì lè jẹ́ iye kan náà.

Mo fi `Graphics` sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, mo wá já `Frame rate` sí 30. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, 38.2 dígírì. Pásẹ́ǹtì 5! Mo pariwo nínú ilé bí ẹni tó gba góòlù wọlé.

Ìdí tí ìyàtọ̀ náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ọpọlọ fóònù tó bá fẹ́ sáré sí i máa ń nílò fóńtéèjì tó ga sí i. Iná tó ń jẹ wá ń pọ̀ ju bí eré rẹ̀ ṣe ń pọ̀ lọ. Tó bá ti parí àwòrán kan tí kò sì sí òmíràn láti yà, ó ń dẹwọ́, fóńtéèjì ń wálẹ̀. Ìsinmi kékeré yẹn, nígbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ni mo ti ń fi du fóònù mi láìmọ̀. Fífà tìkọ̀tìkọ̀ náà sì dáwọ́ dúró, nítorí kì í ṣe àìsàn. Fóònù tó bá ti gbóná jù ló máa ń fúnra rẹ̀ dín eré ọpọlọ rẹ̀ kù, kó má bàa jóná. 30 tó dúró sójú kan tẹ́ mi lọ́rùn ju 60 tó ń di 22 nígbà tí ogun bá gbóná.

Kò sí irọ́ ńbẹ̀ o, 30 wúwo lọ́wọ́. Èèyàn máa ń mọ̀ ọ́n lára tó bá ń yí ojú ìbọn kíákíá. Nínú géèmù eré bọ́ọ̀lù, n kò mọ ìyàtọ̀ kankan. Nínú géèmù ìbọn, ó gbà mí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó mọ́ mi lára, àbúrò mi sì ṣì ń fi mí ṣẹ̀sín. Géèmù tó bá ní 40 láàárín méjèèjì, mo máa ń mú ìyẹn.

Àwọn yòókù kéré sí i. Mo dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù sí ìdajì, mo sì lo Wáì-fáì dípò dátà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò lágbára nínú yàrá mi, nítorí fóònù tó bá ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń jẹ iná gan-an. Pásẹ́ǹtì 5 di 4. Áàpù tó ní òun máa “tu fóònù lára” kò ṣe nǹkan kan ju ìpolówó lọ, mo yọ ọ́ dànù. Àbúrò mi dámọ̀ràn fíríìjì. Mo ní kó má gbìyànjú rẹ̀ láéláé, torí ìrì máa ń ṣẹ̀ sínú fóònù tó bá ti inú òtútù bọ́ sínú ooru.

Gbígbá géèmù lórí ṣáájì ni mo jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ètò àtijọ́ mi, mo rí 46.8, ṣáájì náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, nítorí fóònù fúnra rẹ̀ ń dín iná tó ń gbà kù. Bóyá irú ìyẹn, tí mo ti ń ṣe fún ọdún kan, ni ì bá pa bátìrì mi àkọ́kọ́ lóòótọ́, ká ní mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, géèmù náà gba àtúnṣe tuntun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a láìwo ohunkóhun. Kí ìpele kejì tó parí, ìka mi ti mọ̀ ọ́n lẹ́yìn fóònù. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́: 431. Mo wọ inú ètò, mo wo `Frame rate`. Wọ́n ti dá a padà sí 60.