Ẹ má sọ babaláwo Ìjàpá di gbájúẹ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú àlọ́ ìgbàlódé

Ó ti sú mi. Ẹni tó bá ra kámẹ́rà lónìí, lọ́la ni yóò ní òun fẹ́ gbé àlọ́ Ìjàpá wá sí Èkó. Kò burú, iṣẹ́ tí èmi náà fi ń jẹun nìyẹn, bí a bá lè pe èyí tí mò ń jẹ ní oúnjẹ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọn yóò ti náwó tán. Wọn yóò ti sanwó fún òṣèré, wọn yóò ti sanwó fún ẹni tó ń fi dúróònù ya ọ̀sà láti òkè, kí wọ́n tó wá gbé ìtàn fún mi pé kí n bá àwọn wò ó. Ìtàn tó yẹ kí ẹnì kan wò kí náírà kan tó jáde lápò!

Ẹ jẹ́ ká fi àlọ́ kan ṣoṣo ṣe é, èyí tí gbogbo wa gbọ́ dàgbà: Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ ìyàwó rẹ̀. Mi ò ní pa á látòkè délẹ̀. Yánníbo ń wá ọmọ, Ìjàpá lọ bá babaláwo, babaláwo se àsèjẹ tó ń ta sánsán, ó ní Yánníbo nìkan ni kó jẹ ẹ́, kí Ìjàpá má fọwọ́ kẹnu. Òórùn ọbẹ̀ borí rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó tọ́ ọ wò, inú rẹ̀ wú gbẹndu, ló bá forin bẹnu, ó sáré padà lọ bẹ babaláwo.

Àṣìṣe kìíní ni fóònù. Kí Ìjàpá mú fóònù dání kò sọ àlọ́ di ti ìgbàlódé.

Ìkejì ni orúkọ. Ẹ má pè é ní Túndé. Àdúgbò wo ló wà ní Múṣín tí kò ní ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Ìjàpá? Ẹ fi ṣe ìnagijẹ fún un, kí ìtàn máa lọ.

Ìkẹta ló jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí, torí náà ẹ fún mi láyè díẹ̀. Nínú ìtàn tí wọ́n ń gbé wá bá mi, ó ṣọ̀wọ́n kí n rí èyí tí babaláwo inú rẹ̀ kì í ṣe gbájúẹ̀. Wọn á wọ aṣọ pupa fún un, wọn á to agbárí yí i ká, wọn á fi ẹfun kùn ún lójú kan, á wá máa rẹ́rìn-ín bí ẹ̀rọ ọlọta tó kọ̀ tí kò fẹ́ jí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá, ó ti yà á tán. Babaláwo tirẹ̀ gba owó ńlá lọ́wọ́ Ìjàpá, ó lọ ra ọbẹ̀ ní búkà, ó bu ìyẹ̀fun kan sí i. Ìjàpá jẹ ẹ́, inú rẹ̀ wú, ọlọ́pàá wá kó babaláwo, àwọn ará àdúgbò ń pàtẹ́wọ́. Mo bi í pé, "Àbúrò, kí ló wú inú Ìjàpá?" Ó wojú mi títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọbẹ̀ yẹn ti kan ni." Ọbẹ̀ ti kan! Ohun tí wọ́n fi òru tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ pa fún wa ní àlọ́ ti wá di ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ búkà.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Inú Ìjàpá wú torí pé oògùn náà jẹ́. Oyún tó yẹ kó wọ inú Yánníbo ló wọ inú ọkọ rẹ̀. Bí babaláwo bá wá jẹ́ òpùrọ́, èèwọ̀ tó fi lélẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, ẹni tó sì ré èèwọ̀ òpùrọ́ kọjá kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìjàpá ọ̀kánjúwà di ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì, àánú rẹ̀ ló máa ń ṣe wá. Yánníbo tí wọ́n jẹ oògùn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó tún rántí rẹ̀. Orin gan-an kò ní nídìí mọ́. Ta ní í sáré padà lọ bẹ gbájúẹ̀? Ìjàpá padà sọ́dọ̀ bàbá náà torí ó mọ̀ pé ẹni tó se oògùn nìkan ló mọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ máa bọ Ifá o. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, ẹ sọ ọ́ di ìyá àgbà kan ní Ìkòròdú tó mọ ewé. Ṣùgbọ́n ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ olóòótọ́, ohun tó fúnni gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, òfin rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rọrùn débi pé ọmọdé lè pa á mọ́. Bí òfin bá le, a ó ní Ìjàpá gbìyànjú. Bó bá sì jẹ́ babaláwo gan-an lẹ fẹ́, ẹ lọ jókòó ti ọ̀kan ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹ ó rí ọkùnrin kan tó dé fìlà bíi ti bàbá yín, tó da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sórí ẹní, tó ń wá jígí ojú rẹ̀ kiri kó tó lè rí odù tó jáde. Ẹ ya ìyẹn. Agbárí kò sí níbẹ̀, owó rẹ̀ á sì tún dín kù.

Àwọn tó bá wá sá kúrò lọ́dọ̀ babaláwo máa ń kó sínú àṣìṣe míì (mi ò rántí iye tó kàn mọ́). Wọ́n á lọ sí ọsibítù, wọ́n á ní abẹ́rẹ́ tí dókítà fún Yánníbo ni oògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń tọ́ abẹ́rẹ́ wò? Ta ni òórùn abẹ́rẹ́ ń dà láàmú nínú ọkọ̀? Agbo náà kò lè ṣe é, ó korò. Àsèjẹ ni nínú àlọ́, ọbẹ̀ gidi tí epo ń yọ lójú rẹ̀. Adùn yẹn ni ìdánwò, ẹ kò lè yọ ọ́ kúrò.

Ẹnì kan fi owó rọ́pò ọbẹ̀, mo kọ́kọ́ yọ̀. Ó ní Yánníbo yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ láti fi ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó rán Ìjàpá pé kó lọ gbà á, Ìjàpá fi owó ta tẹ́tẹ́, owó lọ. Mo ní, inú tó wú dà? Ìyà tó jẹ Ìjàpá kì í ṣe òfo. Ohun rere náà dé lóòótọ́, ara ẹni tí kò ni ín ló dé sí, gbogbo ayé sì ń rí i. A jọ tún un ṣe báyìí: Ìjàpá ná nínú owó náà lójú àdúgbò, ó ra bàtà, ó ra ọtí fún àwọn ọ̀rẹ́. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti fi í ṣe alága ìnáwó. Àwọn ẹbí dé láti ilé, oníkálukú pẹ̀lú ìṣòro tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní ọlọ́lá, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ń wú lọ́rùn rẹ̀, kò sì lè là á pé owó ìyàwó òun ni. Ibẹ̀ ni inú ti wú. Ó wá ku kó lọ kúnlẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tó yá wọn lówó.

Àmọ́ bí ẹ bá bi mí, ẹ fi ọbẹ̀ sílẹ̀ ní ọbẹ̀. Èkó kò kọ ọbẹ̀. Ẹ fi ilé bàbá náà sí Ìkòròdú, ẹ fi ilé Ìjàpá sí Múṣín, ẹ gbé kúlà lé e lẹ́sẹ̀ nínú dáńfó, ebi àárọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Máìlì 12 á ṣe ìyókù. Òórùn gba inú ọkọ̀, àwọn èrò ń yí imú wá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú orin, Ìjàpá ní gbòǹgbò ló yọ òun gẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò Èkó ni kòtò: ọkọ̀ já sí i, ìdérí ṣí, ọbẹ̀ ta sí i lọ́wọ́.

Ibí ni wọ́n ti máa ń dá kòtò lẹ́bi. Ìtàn á wá yíjú sí ìjọba àti ojú títì tí kò dáa. Rárá. Ẹnu Ìjàpá ni ọ̀rọ̀ gbòǹgbò yẹn ti jáde, àwáwí ni, apàlọ́ kò gbè é lẹ́yìn. Torí náà, ẹ jẹ́ kí kòtò ta ọbẹ̀ sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi háńkáṣíìfù sápò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kàn án, kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kó wá lá ìka. Lẹ́yìn náà, láìsí kòtò kankan, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìdérí. Tó bá wá dé iwájú bàbá tó ń kọrin kòtò, gbogbo wa la ti mọ̀ pé irọ́ ló ń fi ìdajì òótọ́ pa.

Orin náà ńkọ́? Wọ́n máa ń gbé e fún olórin tàkasúfèé, wọ́n á san owó sítúdíò, á wá kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lóun nìkan. Àlọ́ àpagbè ni! Bí kò bá sẹ́ni tó ń dáhùn pé "alugbinrin", Ìjàpá kàn ń dá sọ̀rọ̀ ni. Inú dáńfó tó gbé e padà sí Ìkòròdú ni ègbè wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń kọrin, ikùn rẹ̀ gba ìjókòó méjì, èrò ẹ̀yìn dáhùn, èrò iwájú dáhùn, awakọ̀ náà dáhùn. Nígbà tó bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, kọndọ́ á na ọwọ́ síta, á ké sí awakọ̀ bí wọ́n ṣe ń ké fún àwọn ìyá wa: "Ó lóyún o, ó pọnmọ o!" Níbi tí a ti ṣe é lórí ìtàgé, ńṣe ni àwọn èèyàn dìde. Àlejò Èkó kan tó jókòó tì mí kò mọ ohun tí wọ́n ń rín, ṣùgbọ́n ó ti ń gbe alugbinrin.

Ní ti ìparí, àwọn apàlọ́ kan pa Ìjàpá, àwọn kan jẹ́ kó rí ẹ̀rọ̀. Èyí tó wù yín ni kí ẹ mú. Kí ó má ṣáà bí ìbejì, kí ó wá di gbajúmọ̀ orí ayélujára. Wọ́n gbé ìyẹn náà wá rí.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni tó ń gbowó, ẹ pa àlọ́ yín fún àwọn ọmọ ilé lálẹ́ tí iná bá lọ, kí ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá kọrin dé ìgbà kẹta tí wọn kò tíì gbè é, ẹ gé àwọn ọ̀rọ̀ orin náà kúrú. Ibi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ mìíràn láàárín ara wọn, ẹ yọ ibẹ̀ dànù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì béèrè pé kí ni Yánníbo wá ṣe, tí ẹ kò ní èsì fún un, ìtàn yín kò tíì tó yà.