Lẹ́tà káàbọ̀ tó ń ka ọjọ́, tí kò wo ohun tí òbí ti ṣe

Bí lẹ́tà ìkíni káàbọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń bí òbí nínú, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń fà á. Bí wọ́n ṣe tò ó ni. Wọ́n ti to lẹ́tà mẹ́fà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ kejì, ìkẹta, ìkeje, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Ọjọ́ bá ti pé, lẹ́tà á lọ, ì báà jẹ́ pé òbí ti ṣe ohun tí wọ́n ń rọ̀ ọ́ kó ṣe.

Ẹ wo ìyá kan ní Ìgbógbó, nílẹ̀ Ìkòròdú. Alẹ́ Fúráìdè ló forúkọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní SS2 sílẹ̀ fún ìṣirò. Ní Sátidé, ó yan àkókò, ọmọ sì bá tíṣà ṣe kíláàsì ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́. Ní Mọ́ńdè, lẹ́tà ọjọ́ kẹta wọlé: "Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ o! Ẹ yan kíláàsì ọ̀fẹ́ yín." Kí ni kí ìyá yìí rò? Bóyá wọn ò kọ kíláàsì ti Sátidé sílẹ̀. Ó tún tẹ bọ́tìnì náà, ó yan òmíràn, tíṣà kejì sì jókòó de ọmọ tí kò yẹ kó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá tún dé lọ́jọ́ keje, `Report spam` ló máa tẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ so kàlẹ́ńdà tí wọ́n fi ń yan kíláàsì mọ́ ètò tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́, kó lè fi àmì `ti_yan` sára orúkọ òbí fúnra rẹ̀. Ẹ má gbé e lé ẹnì kan lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì, nítorí òpin ọ̀sẹ̀ ni àwọn òbí ń yan kíláàsì, ọ́fíìsì sì ti tì. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ètò náà yẹ àmì yìí wò ní ìṣẹ́jú tí lẹ́tà fẹ́ jáde. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: wọ́n á ní kó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí òbí forúkọ sílẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó tíì yan ohunkóhun. Ẹni tó bá ní àmì náà á gba lẹ́tà mìíràn lọ́jọ́ kẹta: ohun tí tíṣà rí nínú iṣẹ́ ọmọ, àti bí wọ́n ṣe ń sún kíláàsì síwájú bí iná bá lọ.

Ẹ má fi "ó ti ṣí lẹ́tà" rọ́pò àmì yìí. Láti ọdún 2021 ni ètò ímeèlì Apple ti lè máa fa àwòrán inú lẹ́tà, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣí i, wá kí ẹni tó ni ín tó fojú kàn án, lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò kà á wá hàn bí èyí tí wọ́n ti ṣí.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ ní àṣìṣe tirẹ̀. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló yẹ kó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń yan àkókò, pẹ̀lú ìbéèrè kan: "Àkòrí wo ló ń dààmú ọmọ yín jù?" Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá wá láti `noreply@`, ìdáhùn òbí kò ní débì kan. Lẹ́tà àkọ́kọ́ yìí sì gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Àwọn tó kù lè dúró di alẹ́, torí òbí tó ń jáde nílé ní ìdájí kí gọ́sìlóò Máìlì 12 má bàa mú un kò ráyè ímeèlì láàárọ̀.

Àwọn kan tún máa ń fi ọ̀nà àtijáde, ìyẹn ibi tí òbí ń tẹ̀ tí kò bá fẹ́ gba lẹ́tà mọ́, pamọ́ sísàlẹ̀ pátápátá. Gmail máa ń gé lẹ́tà tí kóòdù rẹ̀ bá ju 102KB lọ, ọ̀nà àtijáde náà á sì bá a lọ. Ẹni tí kò rí ọ̀nà jáde á fẹ̀sùn sípáàmù kàn yín. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, Gmail ti ní kí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ má dé 0.3%, ìyẹn mẹ́ta nínú 1,000 lẹ́tà. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tó ní òbí 200 kò nílò ju ẹni kan tínú ń bí láti kọjá ààlà yẹn.

Tí àsìkò ọ̀fẹ́ bá parí lọ́jọ́ kẹrìnlá, ẹ má dúró di ọjọ́ náà kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Ẹ sún lẹ́tà ọjọ́ kẹwàá sí ìkọkànlá, kẹ́ ẹ kọ iye náírà, ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́ nínú káàdì, àti ibi tí wọ́n ti lè fagi lé e, ṣókí, sókè lẹ́tà.