Ibi tí ó yẹ kí a kọ ìpinnu wa sí nínú Claude

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Ohun tí ẹ bá sọ nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan nínú Claude kò dájú pé yóò dé inú òmíràn, bí méjèèjì tilẹ̀ wà nínú Project kan náà. Nítorí náà, bí a bá fẹnu kò pé "àtọ̀gbẹ" ni a óò máa lò nínú ìwé ìlera tí a ń túmọ̀, kì í ṣe "ìtọ̀ ṣúgà", ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì Project náà, èyí tí gbogbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ibẹ̀ lè lò. Bí ìpinnu bá yí padà, ẹ yọ fáìlì àtijọ́ kúrò (èmi náà ti gbàgbé rí), kí méjì má baà tako ara wọn. Láti dán an wò, ẹ ṣí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tuntun, kí ẹ sì fún un ní gbólóhùn kan nípa àìsàn náà láti túmọ̀.