Ẹ má fi dókítà ẹgbẹ́ yín ṣe aláìsàn: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìmúra fún ìdánwò Ọ́sìkì

Ní Sátidé kan, nínú pálọ̀ wa ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta, mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo ṣí aago rẹ̀, mo sì ń wo àbúrò kan tó ń múra fún apá kejì Pílábù. Ìdánwò yìí ni ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣe ní Mànshẹ́sítà fún àwọn tó kàwé níbòmíràn. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn fún ọdún 3, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ló bá wa ṣe aláìsàn. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é, torí bó ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ wò. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò níṣòro. Nígbà tí aago dún, kò tíì mọ ohun tó lè ṣe obìnrin náà ní jàǹbá.

Ẹni tí kò bá tíì ṣe irú ìdánwò yìí, tí wọ́n ń pè ní Ọ́sìkì, rí, bó ṣe rí nìyí. Sítéṣàn 16 ni. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀ láti ka ìwé tó sọ ẹni tó wà nínú yàrá àti ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ ó wọlé, ẹ ó sì lo ìṣẹ́jú 8 pẹ̀lú òṣèré tó ń ṣe bí aláìsàn. Olùdánwò á wà níbẹ̀, á máa kọ máàkì. Ọ̀nà mẹ́ta ló fi ń wò yín: bí ẹ ṣe wádìí àìsàn, ohun tí ẹ pinnu láti ṣe sí i, àti bí ẹ ṣe bá ènìyàn lò. Máàkì 4 ló pọ̀ jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi gbogbo àkókò rẹ̀ wádìí nìkan ti fi èyí tó pọ̀ nínú máàkì sílẹ̀ sórí tábìlì.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé àwọn dókítà méjì tàbí mẹ́ta á péjọ sí yàrá kan ní Ìdí-Àbà, wọ́n á sì máa ṣe aláìsàn fún ara wọn. Dókítà tó ń ṣe aláìsàn ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Tí wọ́n bá bi í pé, “Kí ló ṣe yín?”, á ní, “Orí ló ń fọ́ mi láti oṣù 2, ẹ̀gbẹ́ kan ni, ó ń mì tìtì, èébì a máa gbé mi, ìmọ́lẹ̀ a sì máa yọ mí lẹ́nu.” Aláìsàn wo ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Ọ̀rẹ́ yín ti bá yín ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú 2 láìmọ̀. Òṣèré tó wà ní Mànshẹ́sítà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fún un ní ìwé, ìwé náà sì ti sọ ohun tó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ àti ohun tí kò gbọdọ̀ sọ àfi tí ẹ bá bèèrè.

Torí náà ni mo fi máa ń wá ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, tí mo sì máa ń kọ ìwé tirẹ̀ fún un ní abala mẹ́ta: ọ̀rọ̀ tó máa fi bẹ̀rẹ̀, ohun tó máa sọ tí wọ́n bá bèèrè nìkan, àti ohun tó ń bà á lẹ́rù. Èyí tí mo kọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lọ báyìí. Ó jẹ́ ẹni ọdún 29. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, “Dókítà, orí fífọ́ yìí ti sú mi, ẹ̀rù sì ti ń bà mí.” Tí wọ́n bá bi í bóyá ojú rẹ̀ máa ń rí nǹkan, kó sọ pé ìmọ́lẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ kan a máa kọ́kọ́ yọ lápá kan ojú òun, á máa gbòòrò díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, á lọ, orí á wá bẹ̀rẹ̀. Ó ń lo oògùn oníhóró fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí láti ọdún 2, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ àfi tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kókó inú ọpọlọ ló pa àbúrò ìyá rẹ̀, orí fífọ́ ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àbúrò wa ṣe ṣe é. Obìnrin náà ní, “Ẹ̀rù sì ti ń bà mí.” Òun ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?” Ó bèèrè ọjọ́, ibi tó ń dùn, bó ṣe ń dùn, ohun tó ń jẹ́ kó le sí i. Ó bèèrè nípa ibà àti ọrùn gígan. Ó bèèrè bóyá ó ṣàdédé dé bí ẹni lu ènìyàn lórí, bóyá ó ń jí i lóru, bóyá apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ. Gbogbo èyí dára, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ó, torí ibẹ̀ ni àìsàn tó léwu ti máa ń yọjú. Ìmọ́lẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ náà kò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá dé orí oògùn.

“Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?”

“Rárá o. Parasitamọ́ọ̀ nìkan, tí orí bá ti ń fọ́.”

Ó kọjá síbẹ̀. Lẹ́yìn tí a parí, ó bi ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló dé tí kò fi sọ ti oníhóró. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó ní, “Ìyẹn kì í ṣe oògùn. Ohun tí èèyàn ń lò tí ara ò bá yá ni oògùn.” Mi ò kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ̀. Bó ṣe rí lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lọ́kàn ọ̀pọ̀ obìnrin, nílẹ̀ Ẹ̀gbá àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ oníhóró yìí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Túúlu ni irú orí fífọ́ tó ń ṣe obìnrin yìí, èyí tí ìmọ́lẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ ti fi kún ewu rọpárọsẹ̀ díẹ̀, èyí tó ń wá látara ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró tó ní èròjà ẹ́sítírójìn nínú tún ń fi kún ewu kan náà. Tí àwọn méjèèjì bá pàdé lára ènìyàn kan, òfin ni pé kó má lo oògùn náà mọ́, ì báà jẹ́ ẹni ọdún 20. Túúlu tí kò ní ìmọ́lẹ̀ níwájú ní ìlànà tirẹ̀, kò le tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ìbéèrè méjì péré ló yí sítéṣàn yìí padà: ti ojú àti ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀kan láìbèèrè èkejì, bí ẹni tí kò bèèrè rárá ni.

Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni kíka ìbéèrè bí ọmọ iléèwé ṣe ń ka ìṣirò: àìsàn àtẹ̀yìnwá, oògùn, ohun tí ara kọ̀, ìdílé, iṣẹ́, sìgá, ọtí. Ọkàn ti lọ, ẹnu nìkan ló kù. Ẹ jẹ́ kí ohun tí aláìsàn sọ yan ìbéèrè tó kàn. Ọ̀dọ́bìnrin tí orí ń fọ́, tí ojú rẹ̀ ń rí ìmọ́lẹ̀: ẹ dárúkọ ohun tí ẹ ń wá fún un, ní orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ ń pè é.

Àkókò ńkọ́? Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan àti ìdajì, àbúrò wa ṣì ń bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé ní àtọ̀gbẹ. Ó wá fi ìyókù sáré sọ pé, “Túúlu ni, màá fún yín ní oògùn, ẹ pẹ̀lẹ́ o,” agogo sì dún. Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Ní ọ́tù pátíẹ́ǹtì wa, níbi tí èrò ti kún títí dé ẹnu ọ̀nà, dókítà á bèèrè, á kọ, á na ìwé oògùn sí i. Kò sí àyè àlàyé. Ìdánwò yìí kò wo iye èèyàn tó wà níta. Mo máa ń jẹ́ kí aago dún ní ìṣẹ́jú 4 àti ìdajì, kí ẹni tó ń múra mọ̀ pé ìbéèrè ti yẹ kó parí, kó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó rò.

Nínú ìṣẹ́jú 3 àti ìdajì tó kù, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kó sọ fún un pé túúlu ni, kó sì sọ ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀. Kó sọ pé kó dá oníhóró náà dúró lónìí, kó sì ṣàlàyé ewu rẹ̀ láìdẹ́rù bà á. Kó má fi í sílẹ̀ láìsí ààbò: kọ́ńdọ̀mù ní báyìí, kí wọ́n sì jọ yan ọ̀nà míràn tí kò ní ẹ́sítírójìn, bíi èyí tí wọ́n ń fi sápá tàbí kọ́pà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ. Kó sọ oògùn tó máa lò bí orí bá ti bẹ̀rẹ̀, áíbúpúrófìnì pẹ̀lú sumatíríptánì, tí kò bá sí ohun tó dí i lọ́wọ́, kó sì kìlọ̀ pé lílo wọn lọ́pọ̀ ọjọ́ láàárín oṣù lè mú kí orí máa fọ́ sí i. Kó sọ ohun tó gbọdọ̀ mú un sáré padà wá: orí tó ṣàdédé fọ́ burúkú, apá tó rọ, ọ̀rọ̀ tó lọ́, ojú tó fọ́ tí kò padà.

Ti ẹ̀rù inú gbólóhùn àkọ́kọ́ ńkọ́? Àbúrò wa rántí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kẹfà. Ó ní, “Ǹjẹ́ nǹkan kan wà tó ń kọ yín lóminú?” Obìnrin náà ti sọ ọ́ nínú gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́! Ọ̀pọ̀ ló ti há ìbéèrè yẹn sórí, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n máa fi sí. Tí aláìsàn bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹ dúró síbẹ̀: “Kí ló ń bà yín lẹ́rù gan-an?” Ìtàn àbúrò ìyá rẹ̀ á jáde. Nígbà tó bá wá ní òun fẹ́ kí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ òun, ẹ ó lè fi ohun tó sọ dá a lóhùn: kò sí àmì kankan nínú ọ̀rọ̀ yín tó jọ ti kókó inú ọpọlọ, ẹ jẹ́ kí n wo ojú yín, kí n wọn ìfúnpá yín, kí n sì sọ ohun tó máa mú ká yàwòrán.

Ọ̀rọ̀ “pẹ̀lẹ́” tún wà níbẹ̀. Àwa Yorùbá ń pẹ̀lẹ́ ẹni tó ṣubú, ẹni tó ru ẹrù. Ó bá gbogbo rẹ̀ mu. Tí ẹ bá gbé e sínú Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ ń sọ “sọ́rì” lẹ́yìn gbogbo ìdáhùn, òṣèré á gbọ́ pé ẹ ń kà á lórí ni. Ẹ̀ẹ̀kan tó, níbi tó ti dùn ún jù, kí ẹ sì wò ó lójú. Ìyẹn gan-an ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi sùn ún: “Ó pẹ̀lẹ́ mi lẹ́ẹ̀méje, kò wò mí lẹ́ẹ̀kan.”

Ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn náà, a tún un ṣe, ìwé ọ̀tọ̀, ọjọ́ orí ọ̀tọ̀, kó má baà mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n oníhóró ṣì fara pamọ́ síbẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹta, ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní, “Àwọn obìnrin kan máa ń lo nǹkan tí kì í jẹ́ kí wọ́n tètè lóyún, bóyá oníhóró, bóyá abẹ́rẹ́, bóyá èyí tí wọ́n ń fi sápá. Ṣé ẹ ń lo èyíkéyìí?”

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó sì dá a lóhùn pé, “Oníhóró ni mò ń lò.”