Bí mo ṣe ka dọ́ọ̀tì àti táì lórí ìwé orin tí fotokópì ti bà jẹ́

Ìlà sopráánò kan ni mo fẹ́ kọ́ ẹgbẹ́ akọrin wa ní Kubwa, ní kíì C: báà méjì péré, bíìtì mẹ́rin nínú báà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣe láti ara ẹ̀dà ni ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, irú èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ fúnni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà nígbà tí íǹkì ẹ̀rọ ti ń tán lọ. Lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, dọ́ọ̀tì ló máa ń kọ́kọ́ pòórá, ìdọ̀tí á sì wá jókòó síbi tí dọ́ọ̀tì kò sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣírò báà méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Kúéfà, nóòtì ìdajì bíìtì, ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n, torí òun ló kéré jù nínú ìlà náà. Kírọ́ṣẹ́ẹ̀tì jẹ́ kúéfà méjì, mínímù jẹ́ mẹ́rin. Báà bíìtì mẹ́rin gbọ́dọ̀ jẹ́ kúéfà mẹ́jọ géérégé. Dọ́ọ̀tì máa ń fi ìdajì nóòtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kún un: kírọ́ṣẹ́ẹ̀tì onídọ́ọ̀tì di mẹ́ta, mínímù onídọ́ọ̀tì di mẹ́fà. Ìdajì nóòtì yẹn gan-an ni o, kì í ṣe ìdajì bíìtì. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ á fún mínímù onídọ́ọ̀tì ní bíìtì méjì ààbọ̀ dípò mẹ́ta, á sì wọlé síwájú àwọn yòókù.

Bí ojú ṣe rí báà kìíní nìyí: kírọ́ṣẹ́ẹ̀tì onídọ́ọ̀tì lórí sọ, kúéfà lórí la, kírọ́ṣẹ́ẹ̀tì onídọ́ọ̀tì mìíràn lórí sọ, kúéfà lórí mi, kúéfà lórí sọ. Ẹ kà á: 3 + 1 + 3 + 1 + 1, ó di 9. Ọ̀kan lé. Ọ̀kan nínú dọ́ọ̀tì méjèèjì ń purọ́.

Ibi tí dọ́ọ̀tì jókòó sí ló tú u fó. Orí ìlà kejì láti ìsàlẹ̀ ni sọ wà ní kíì yìí. Bí nóòtì bá wà lórí ìlà, àwọn tó ń tẹ ìwé orin kì í fi dọ́ọ̀tì rẹ̀ sórí ìlà yẹn, torí ojú kò ní tètè rí i. Inú àlàfo tó wà lókè rẹ̀ ni wọ́n ń fi í sí. Dọ́ọ̀tì sọ àkọ́kọ́ wà nínú àlàfo. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì gùn orí ìlà, ó sì jìnnà sí nóòtì díẹ̀. Ìdọ̀tí ni. Mo fi bírò fagi lé e, báà náà sì pé: 3 + 1 + 2 + 1 + 1. (Bí ẹ bá rí dọ́ọ̀tì lókè tàbí nísàlẹ̀ orí nóòtì, ìyẹn kì í ṣe dọ́ọ̀tì tó ń fa nóòtì gùn, ṣe ló ń sọ pé kí ẹ gé nóòtì náà kúrú.)

Báà kejì: kúéfà lórí sọ, kúéfà lórí fa, mínímù lórí mi. 1 + 1 + 4, mẹ́fà. Kúéfà méjì ti sọnù. Ó lè jẹ́ dọ́ọ̀tì mínímù ló pòórá, ó sì lè jẹ́ àmì ìsinmi bíìtì kan. Àmì ìsinmi tóbi, kò rọrùn kí ẹ̀rọ gbé e mì láìfi àpá sílẹ̀. Dọ́ọ̀tì kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Síbẹ̀ n kò gbára lé ìyẹn nìkan. Mo wo báàsì lábẹ́ rẹ̀: mínímù onídọ́ọ̀tì ló wà níbẹ̀, ó hàn kedere, kò sì sí ìsinmi kankan. Mo tẹ dọ́ọ̀tì sínú àlàfo àkọ́kọ́, báà di mẹ́jọ.

Ó ku ìlà títẹ̀ tó so sọ tó parí báà kìíní mọ́ sọ tó bẹ̀rẹ̀ báà kejì. Nóòtì méjèèjì wà lójú ibì kan náà, kò sí nóòtì kankan láàárín wọn, kò sì sí sílébù lábẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Táì ni. Ká ní ohùn wọn yàtọ̀ ni, ìlà yẹn kàn ń ní kí a kọ wọ́n wọnú ara wọn, a ó sì gbọ́ méjèèjì. Táì ń ní kí a kọ ẹyọ kan, kí a fà á fún àpapọ̀ iye méjèèjì: kúéfà kan àti kúéfà kan, bíìtì kan. Wọn kò lè kọ ọ́ bíi kírọ́ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, torí ìlà báà gba àárín rẹ̀ kọjá.

Láti kà á jáde lẹ́nu, èdè wa ti ṣe iṣẹ́ náà tán. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin: sílébù méjì-méjì ni gbogbo wọn. Sílébù kìíní bọ́ sórí bíìtì, ìkejì bọ́ sí ìdajì rẹ̀, sílébù kan fún kúéfà kan. Ẹsẹ̀ ń lu ilẹ̀ ní *e*, *è*, *ẹ̀*, *ẹ̀*. Báà kìíní: sọ gba *e-ní-è*, la gba *jì*, sọ gba *ẹ̀-ta*, mi gba *ẹ̀*, sọ gba *rin*, ó sì fa kọjá sí *e* báà kejì. Fa wọlé ní *ní*, mi sì gba èyí tó kù, láti *è-jì* títí dé *ẹ̀-rin*.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ jù ni *la* yẹn. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ lu bíìtì kejì nígbà tí sọ ṣì ń dún, kí la tó wọlé. Bí la bá wọlé pẹ̀lú ẹsẹ̀, wọ́n ti jẹ dọ́ọ̀tì.

Àwọn tí sọ́lífà ni wọ́n fi kọ́ orin láti ilé ní ìṣòro tiwọn, ẹ̀bi wọn kọ́. Nínú sọ́lífà, dọ́ọ̀tì ń la bíìtì sí méjì ni, kò fi ohunkóhun kún nóòtì. Dáàṣì ló ń fa nóòtì gùn. Mo kọ ìlà náà fún wọn báyìí:

```
|s :-.l |s :m.s |-.f :m |- :- ||
```

Ìlà `|` ń ṣáájú bíìtì tó wúwo, kólọ́ọ̀nù ń ṣáájú èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́; àárín báà náà ní ìlà tirẹ̀, nítorí náà ẹ má ka gbogbo ìlà sí ìparí báà. Dáàṣì inú `-.l` ni dọ́ọ̀tì kírọ́ṣẹ́ẹ̀tì. Dáàṣì inú `-.f` ni táì. Nínú sọ́lífà, ohun kan náà ni méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ lórí "tá", bíìtì ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Orí nóòtì mẹ́jọ ló wà lójú ìwé, táì kan, nítorí náà *t* méje ni etí gbọ́dọ̀ gbọ́. Mẹ́jọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́: àwọn kan tún nóòtì sọ pè ní ìbẹ̀rẹ̀ báà kejì, torí wọ́n mí sójú ìlà báà. Mo gbé èémí kúrò níbẹ̀, mo fi sí ìparí mínímù onídọ́ọ̀tì. Àtẹ́wọ́ kò lè fi èyí hàn dáadáa, ìbẹ̀rẹ̀ nóòtì nìkan ló ń sọ; ẹni tó gé mínímù onídọ́ọ̀tì kù sí bíìtì méjì á pàtẹ́wọ́ bákan náà pẹ̀lú ẹni tó fà á pé.