Bí a ṣe ń kọ mẹ́mò nípa ìkíni tí a gé kúrú

Ìkíni àtijọ́ náà rèé, èyí tí ẹ̀rọ máa ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí oníbàárà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé sí ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́:

“Ẹ káàbọ̀. Inú wa dùn púpọ̀ pé ẹ kàn sí wa lónìí. Ọ̀rọ̀ oníbàárà wa jẹ wá lógún, ìdí nìyẹn tí a fi wà níbí nígbà gbogbo. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa yóò dá yín lóhùn láìpẹ́. Kí iṣẹ́ lè yá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́mbà rìsíìtì yín ránṣẹ́. Ẹ ṣeun.”

Gbólóhùn mẹ́fà ni. Ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí oníbàárà ṣe wà nínú ìkarùn-ún, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í kà á débẹ̀. Ẹ ti pinnu láti gé e kúrú. Ó wá ku kí ẹ kọ mẹ́mò tí yóò ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún àwọn ará ọ́fíìsì, títí kan ẹni tó kọ ìkíni náà, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀gá yín. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ lọ ka ìjíròrò àwọn oníbàárà. Ẹ mú 100 tó tẹ̀ léra wọn. Ẹ má ṣà wọ́n, torí ohun tí ẹni tó ń ṣà bá ń wá náà ló máa rí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè méjì. Ṣé oníbàárà fi nọ́mbà rìsíìtì ránṣẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó béèrè? Bó bá fi ránṣẹ́, ṣé ìkíni ti jáde kó tó ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbójú fò. Ká ní nínú 100, èèyàn 12 ló fi nọ́mbà ránṣẹ́ láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ béèrè. Ẹ wo aago tó wà lára ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ lè rí i pé 9 nínú wọn ti kọ nọ́mbà náà sínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìkíni ò tíì jáde rárá. Àwọn 3 tó kù nìkan ló ṣe ohun tí ìkíni ní kí wọ́n ṣe. Bí mẹ́mò yín bá wá sọ pé 12 ló gbọ́rọ̀ sí ìkíni lẹ́nu, ẹ ti yìn ín ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú á sì mú yín níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìjíròrò kan tí ẹ máa fi hàn nínú mẹ́mò. Ẹ yọ orúkọ àti nọ́mbà oníbàárà kúrò. Irú èyí ló dáa:

“Mo ti sanwó láti àná, ọjà ò tíì dé.”
(Ìkíni jáde.)
“Hẹ́lò?”
“Ṣé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀?”
Òṣìṣẹ́: “Ẹ ǹ lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni nọ́mbà rìsíìtì yín?”
“Ẹ dúró, mo ń wá a.”

Lójú mi, “Hẹ́lò?” yẹn tó ẹ̀rí. Ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un tán pé òṣìṣẹ́ ń bọ̀, síbẹ̀ ó ń béèrè bóyá èèyàn wà níbẹ̀. “Mo ń wá a” sì ni ibi tí àdánù wà. Ìgbà tí oníbàárà ń dúró de òṣìṣẹ́ ló yẹ kó fi wá rìsíìtì. Ní báyìí, òṣìṣẹ́ ti dé, òun náà tún wá ń dúró de oníbàárà.

Ẹ ṣọ́ra níbi tí ẹ bá ti fẹ́ sọ ohun tó fà á. Iye tí ẹ kà fi hàn pé wọn ò ṣe ohun tí ìkíni sọ. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ohun tí èmi fura sí ni fóònù. Bí ọ̀rọ̀ bá wọlé nígbà tí èèyàn ti kúrò lórí ìjíròrò náà, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń yọ lójú fóònù, “Ẹ káàbọ̀. Inú wa dùn púpọ̀” ni ìbẹ̀rẹ̀ tiwa. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ò dé kò ní ṣí ìyẹn kà. Ṣùgbọ́n “a rò pé” ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn yẹn nínú mẹ́mò. Ẹ má sì kọ ọ́ pé oníbàárà kì í kàwé tàbí pé wọn ò ní sùúrù. Ìkíni la fẹ́ tún ṣe, kì í ṣe oníbàárà.

Gbólóhùn tí ẹ bá yọ, ẹ sọ ibi tó lọ. Ọ̀pọ̀ ibi ni òfin ti ní kí a sọ fún oníbàárà pé a ń tọ́jú ìjíròrò rẹ̀ tàbí pé a ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ìkíni yín, ẹ ò lè dá gé e. Ẹ bi ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfin kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Gbólóhùn “inú wa dùn” ní tiẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ kankan.

Ẹnì kan máa sọ pé kúkúrú yìí dà bí àìlọ́wọ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún mi rí, ọ̀rọ̀ náà sì nídìí. Ìdáhùn tí mo fi sínú mẹ́mò nígbà náà ni pé ẹnu òṣìṣẹ́ ni ìkíni ń bọ̀ sí báyìí. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n kí oníbàárà ní ọ̀rọ̀ ara wọn. Ẹ tún yẹ àwọn èsì tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wò, torí ìkíni àtijọ́ sábà máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n á kàn máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Bí mẹ́mò náà bá ti parí, kò yẹ kó ju báyìí lọ:

“Láti àárọ̀ Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ìkíni ẹ̀rọ wa yóò jẹ́: ‘Ẹ fi nọ́mbà rìsíìtì yín ránṣẹ́. Òṣìṣẹ́ kan ń bọ̀ wá dá yín lóhùn.’ Ìkíni àtijọ́ wà nísàlẹ̀ ìwé yìí.

A ka ìjíròrò 100 tó tẹ̀ léra wọn. Èèyàn 3 péré ló fi nọ́mbà ránṣẹ́ nítorí pé ìkíni béèrè rẹ̀. Àwọn 9 mìíràn ti kọ ọ́ kí ìkíni tó jáde. A rò pé ohun tí à ń béèrè ti jìnnà jù sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ kí oníbàárà fúnra yín. Bó bá ti fi nọ́mbà ránṣẹ́, ẹ má tún béèrè rẹ̀. Ẹ yọ ìkíni àtijọ́ kúrò nínú àwọn èsì tí ẹ ti kọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a ó ka 100 mìíràn lọ́nà kan náà. A ò ní yí nǹkan mìíràn padà kó tó dìgbà náà, kí a lè mọ ohun tó ṣiṣẹ́. Bí iye yẹn ò bá yàtọ̀, kì í ṣe gígùn ìkíni ni ìṣòro wa, a ó sì wo ibòmíràn.”

Ẹ kíyè sí i pé mẹ́mò náà ò ṣèlérí pé oníbàárà ò ní dúró pẹ́ mọ́. Iye òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń pinnu ìyẹn.