Mo yọ táblì kúrò lára ìbéèrè mi

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi ni kíkọ àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa fi dán ẹ̀rọ òye àtọwọ́dá wò. Ọ̀kan nínú wọn ní àwòrán táblì tí mo so mọ́ ọn, iná tí ilé kan lò fún oṣù méje. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí:

"Wo táblì yìí, kí o sọ ohun tó mú kí ìlà tó gbẹ̀yìn ga tó bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n kó àwọn ìbéèrè sínú fáìlì CSV, ọ̀rọ̀ nìkan ló wọlé, nítorí CSV kì í gbé àwòrán. Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ka tèmi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, táblì wo? Kí ló ga?" Mo tún un kà, mo sì rí i pé "yìí", "ìlà tó gbẹ̀yìn" àti "tó bẹ́ẹ̀" ń nawọ́ sí ohun tí kò sí níwájú ẹni tó ń kà á.

Mo wá kó nọ́ńbà sínú ọ̀rọ̀ náà. Nọ́ńbà mítà àti ọjọ́ ìwé owó wà nínú táblì, ṣùgbọ́n ìdáhùn kò nílò wọn, mo fi wọ́n sílẹ̀:

"Láti oṣù kìíní dé ìkẹta, ilé kan lo nǹkan bíi 250 yúníìtì lóṣù. Láti oṣù kẹrin dé ìkẹfà, 210 ni lóṣooṣù. Ní oṣù keje, 390. Kí ló ṣeé ṣe kó fà á?"

Mo fún àbúrò náà kà, láìfi táblì hàn án. Ó ní ó lè jẹ́ pé fíríìjì ti bà jẹ́, tàbí pé ẹnìkan ń fa iná wọn. Ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ kò bá táblì mu. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 210 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́tà "E" wà níbẹ̀, tó túmọ̀ sí pé ilé-iṣẹ́ iná fojú bu iye náà ni, ẹnikẹ́ni kò ka mítà. Ojú mi ti mọ́ lẹ́tà náà débi pé mi ò rántí kọ ọ́. Mo fi gbólóhùn kan kún un:

"Wọ́n fojú bu ti oṣù kẹrin dé ìkẹfà ni, wọ́n ka mítà ní àwọn oṣù yòókù."

Kíá ló mú bírò. 210 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 630. Ó fi 390 kún un, ó di 1020. Ó pín in sí oṣù mẹ́rin, ó kan 255. Iná tí wọ́n ń lò kò lọ sókè rárá. Ìfojúbù ló kéré, oṣù keje ló wá ru èyí tó ṣẹ́kù.

Kì í ṣe gbogbo fáìlì la lè fi ọ̀rọ̀ rọ́pò báyìí. Ìbéèrè mi tó tẹ̀ lé e ní kí wọ́n ka lẹ́tà àfọwọ́kọ nínú àwòrán, àwòrán náà gan-an sì ni iṣẹ́ ọ̀hún. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni: "Àwòrán lẹ́tà àfọwọ́kọ olójú ìwé kan ni mo so mọ́ ìbéèrè yìí. Da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ. Bí o kò bá rí àwòrán náà, sọ bẹ́ẹ̀, má ṣe méfò."